Bí Atamátàsé Bá Dọ́gba Pẹ̀lú Difẹ́ńdà, Ṣé Ọfusáìdì Ni?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìbàdàn ni mo wà. Nílé ìwòran bọ́ọ̀lù tí a máa ń lọ, àríyànjiyàn kan wà tí kò tán. Àwọn kan ní bí atamátàsé bá ti dọ́gba pẹ̀lú difẹ́ńdà tó kẹ́yìn, ọfusáìdì ni. Àwọn kan ní rárá. Èmi ti rí góòlù tó dọ́gba lójú mi tí wọ́n fagi lé, mo sì ti rí èyí tí atamátàsé ti kọjá dáadáa tí wọ́n kà á. Kí ni òfin sọ gan-an?"

Àwọn tó ní kì í ṣe ọfusáìdì ló jàre, àbúrò. Bí atamátàsé bá dọ́gba pẹ̀lú ẹni kejì láti ẹ̀yìn nínú àwọn alátakò, kò sí níbi ọfusáìdì rárá. Ohun tí Òfin Kọkànlá sọ nìyẹn, kò sì fi í sílẹ̀ fún rẹfirí láti wo ojú ẹni tó fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n má bá àwọn tó ń bá ẹ jiyàn wí jù, wọn ò dá a sílẹ̀ fúnra wọn. Títí di ọdún 1990, bí wọ́n ṣe wí náà ni òfin ṣe rí: ẹni tó bá dọ́gba ti jìn sí kòtò, àfi kó wà lẹ́yìn difẹ́ńdà náà kó tó bọ́. Ọdún 1990 ni àwọn tó ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù lágbàáyé yí i padà kí àwọn tó ń wá góòlù lè rí ààyè díẹ̀. Àwọn bàbá tó kọ́ bọ́ọ̀lù ṣáájú ìgbà náà fi ti àtijọ́ kọ́ ọmọ wọn, ọmọ ọ̀hún ló ń pariwo sí ẹ létí nílé ìwòran.

Tó bá rọrùn báyìí, kí ló dé tí wọ́n fi ń fagi lé góòlù tó dọ́gba lójú rẹ? Ìdí ni pé a ò lè sọ pé ènìyàn dọ́gba ká dákẹ́ síbẹ̀. A gbọ́dọ̀ bi ara wa pé ó dọ́gba pẹ̀lú ta ni, ó dọ́gba nígbà wo, àti pé èwo nínú ẹ̀yà ara rẹ̀ la fi wọ̀n ọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ ìjà ọfusáìdì tí mo ti bá pàdé, yálà lórí pápá níbi tí mo ti ń gbé àsíá tàbí níwájú tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ni wọn ò bi ara wọn.

Ká mú ti àkọ́kọ́. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé "difẹ́ńdà tó kẹ́yìn", èmi náà a máa sọ ọ́ bí mo bá ń kánjú. Ṣùgbọ́n òfin ò dárúkọ difẹ́ńdà níbẹ̀, kò sì dárúkọ aṣọ́lé. Alátakò kejì láti ẹ̀yìn ló sọ. Láti ìlà ojú ilé ni wàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n: ẹni tó bá sún mọ́ ìlà náà jù ni ẹni kìíní, ẹni tó tẹ̀ lé e ni ẹni kejì, ọ̀dọ̀ ẹni kejì yìí ni ìlà ọfusáìdì wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, aṣọ́lé ló máa ń jẹ́ ẹni kìíní nítorí pé inú ilé rẹ̀ ló wà, difẹ́ńdà tó bá sún mọ́ ọn jù a sì jẹ́ ẹni kejì. Bí ọ̀rọ̀ "difẹ́ńdà tó kẹ́yìn" ṣe mọ́ wa lẹ́nu nìyẹn. Ọjọ́ tí aṣọ́lé bá jáde nílé ni gbogbo rẹ̀ máa ń dojú rú.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà níbí ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ rẹfirí. Gúúsù Áfíríkà àti Mẹ́síkò ló ṣí ìdíje Ife Àgbáyé ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2010, ní Johannesburg. Nínú ìdajì àkọ́kọ́, nígbà tí kò tíì sí góòlù kankan, Mẹ́síkò gba kọ́nà. Bọ́ọ̀lù wọlé, Itumeleng Khune tó ń ṣọ́ ilé fún Gúúsù Áfíríkà jáde láti mú un, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Guillermo Franco fi orí kàn án, Carlos Vela tó wà nítòsí òpó kejì tì í wọlé. Inú àwọn Mẹ́síkò dùn, àfi bí wọ́n ṣe wo ẹ̀gbẹ́ pápá tí wọ́n rí àsíá láínsìmánì lókè. Ẹni tó bá wo àwòrán rẹ̀ á rí i kedere pé agbábọ́ọ̀lù Gúúsù Áfíríkà kan ṣì wà lórí ìlà ojú ilé, ó sì sún mọ́ ilé ju Vela lọ. Ohun tó mú kí àwọn ènìyàn pariwo ojoro nìyẹn. Ṣebí difẹ́ńdà kan ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀?

Ó dáa, jẹ́ ká kà wọ́n. Ta ló sún mọ́ ìlà ojú ilé jù? Ẹni tó wà lórí ìlà ni, òun ni ẹni kìíní. Ta ló tẹ̀ lé e? Khune ni ẹni kejì, ṣùgbọ́n ó ti jáde, Vela sì sún mọ́ ilé jù ú lọ. Nígbà tí orí Franco kan bọ́ọ̀lù, alátakò kan péré ló kù láàárín Vela àti ìlà ojú ilé. Ọfusáìdì tí kò ní àbùlà ni. Láínsìmánì yẹn yẹ lẹ́ni tí à ń yìn, nítorí pé nínú eré ìṣíde Ife Àgbáyé, tí gbogbo pápá ń hó, ó rántí kà wọ́n dípò kó kàn wo ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà nínú góòlù yẹn tí àwọn ènìyàn kì í sábà rí. Bọ́ọ̀lù kọ́nà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a sì mọ̀ pé ẹni tó bá gba bọ́ọ̀lù tààrà láti orí kọ́nà, láti orí tírówìn tàbí láti orí gólìkíìkì kì í ṣẹ̀ sí òfin ọfusáìdì. Ká ní bọ́ọ̀lù kọ́nà yẹn lọ tààrà sọ́dọ̀ Vela, ì báà jẹ́ pé orí ìlà ojú ilé ló dúró sí, góòlù ni. Ṣùgbọ́n ààyè ọ̀hún tán ní kété tí akẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn bá fara kan bọ́ọ̀lù. Franco fi orí kàn án, láti orí Franco la ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò mìíràn. Mo ti rí olùkọ́ni lórí pápá tó ń bú láínsìmánì pé "kọ́nà ni, kọ́nà ni," nígbà tí bọ́ọ̀lù ti gba ara ọmọ rẹ̀ méjì kọjá.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Kátà lọ́dún 2022, nínú eré ìṣíde bákan náà. Ẹ̀kúádọ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, Enner Valencia ló fi orí kàn án, wọ́n sì fagi lé e. Àwọn ènìyàn ń wo Valencia, wọn ò rí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn rẹ̀. Michael Estrada ló fa ọ̀rọ̀ náà ṣáájú: aṣọ́lé Kátà ti jáde, ẹsẹ̀ Estrada sì ti kọjá alátakò kejì láti ẹ̀yìn nígbà tí wọ́n fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí i. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí o bá rí aṣọ́lé tó jáde, dákun gbàgbé "difẹ́ńdà tó kẹ́yìn", kí o bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí.

Nígbà tí o bá sì ń kà wọ́n, má gbàgbé ẹni tó wà níta pápá. Nínú ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ọdún 2008, Nẹ́dálándì ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Ítálì, Ruud van Nistelrooy sì gbá bọ́ọ̀lù wọlé nígbà tó dà bíi pé aṣọ́lé nìkan ló kù níwájú rẹ̀. Gbogbo ayé pariwo. Ṣùgbọ́n difẹ́ńdà Ítálì kan, Christian Panucci, ṣubú sí ẹ̀yìn ìlà ojú ilé níta pápá. Òfin ní kí a ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ bíi pé orí ìlà ojú ilé ló wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ difẹ́ńdà tó bá gbọ́n á kàn máa ta kọ́sọ́ jáde nínú pápá láti fi atamátàsé sínú ọfusáìdì. Panucci ni ẹni kìíní, aṣọ́lé ni ẹni kejì. Góòlù náà dúró, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ náà wà nínú ìṣirò. Kí ènìyàn tó lè wà níbi ọfusáìdì, ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìlà ojú ilé ju alátakò kejì lọ, kó sì tún sún mọ́ ọn ju bọ́ọ̀lù lọ, nínú ìdajì pápá ti àwọn alátakò. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù tàbí tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ ò lẹ́ṣẹ̀, kódà bí gbogbo difẹ́ńdà bá ti kù sí ààrin pápá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó sáré dé etí ìlà tó wá dá bọ́ọ̀lù padà sẹ́yìn fún ẹnì kejì rẹ̀ kì í fi í sínú wàhálà.

Ó kan ìbéèrè kejì, nígbà wo. Ibí yìí gan-an ni mo rò pé ojú ń tàn yín jẹ jù nílé ìwòran. Ìgbà tí ẹsẹ̀ akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kan bọ́ọ̀lù tó fi ránṣẹ́ ni a ń wò. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ atamátàsé kò kàn wá. Èyí sì ni ojú ènìyàn máa ń rí, nítorí pé bọ́ọ̀lù là ń fojú tẹ̀ lé. Bọ́ọ̀lù gbéra, ojú wa tẹ̀ lé e, nígbà tí a bá fi máa rí atamátàsé, ó ti fi mítà mẹ́ta sí márùn-ún kọjá àwọn difẹ́ńdà, a wá kígbe pé "ọfusáìdì!" Nígbà tí wọ́n gbá a, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn wọn ló wà.

Jẹ́ ká fi nọ́ńbà díẹ̀ sí i kí o lè rí bó ṣe ń yára tó. Atamátàsé tó gbéra dáadáa lè máa sá mítà mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní difẹ́ńdà tó fẹ́ dẹ pàkúté ọfusáìdì fún un ń bọ̀ síwájú ní mítà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n kọjú sí, nítorí náà mítà mọ́kànlá ni wọ́n fi ń jìnnà síra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Pín ìṣẹ́jú àáyá yẹn sí ọ̀nà mẹ́wàá, kí o mú ẹyọ kan nínú rẹ̀: láàárín ìgbà tí kò tó kí o ṣẹ́jú yẹn, wọ́n ti kúrò ní dídọ́gba, atamátàsé ti fi mítà kan àti díẹ̀ kọjá. Fojú inú wo láínsìmánì tó gbọ́dọ̀ wo ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọgbọ̀n mítà sí i, kó sì wo ìlà difẹ́ńdà níwájú rẹ̀ nígbà kan náà. Ojú méjì péré ló ní.

Kámẹ́rà náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí kámẹ́rà bá ń ya àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn méjì tí mo sọ yìí á ti fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 22 yà síra láàárín àwòrán kan sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá wá dá àwòrán dúró, ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ ò tíì kan bọ́ọ̀lù nínú ọ̀kan, nínú èkejì bọ́ọ̀lù ti kúrò lẹ́sẹ̀. Ohun tó fà á nìyẹn tí wọ́n fi ki ẹ̀rọ sínú bọ́ọ̀lù Ife Àgbáyé ọdún 2022, tó ń ránṣẹ́ ní ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ kàn án gan-an. Kámẹ́rà 12 ni wọ́n so mọ́ òrùlé pápá láti máa tọpa ara àwọn agbábọ́ọ̀lù. Níbi tí kò bá sí irú rẹ̀, tó jẹ́ pé ènìyàn ló ń yan àwòrán tó sì ń fa ìlà, èmi ò lè búra pé sẹ̀ǹtímítà méjì tó fi fagi lé góòlù jẹ́ òtítọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé ibi tí wọ́n lè rí i dé nìyẹn. Nínú líìgì àwọn Gẹ̀ẹ́sì, láti sáà 2021 sí 2022, wọ́n mú ìlà wọn nípọn sí i, bí ìlà atamátàsé àti ti difẹ́ńdà bá sì gorí ara wọn, atamátàsé ló jàre. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí á máa fi èékánná pa góòlù lọ.

Ìbéèrè kẹta, ẹ̀yà ara wo? Orí, àyà títí dé ìdí, àti ẹsẹ̀ la ń kà. Ọwọ́ àti apá ò sí nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ ti atamátàsé tàbí ti difẹ́ńdà, títí kan ti aṣọ́lé. Ìdí rẹ̀ ò lọ́ọ̀rìn: ohun tí ènìyàn lè fi gbá bọ́ọ̀lù wọlé lọ́nà òfin la ń wọ̀n. Ibi tí apá ti bẹ̀rẹ̀ ni ìsàlẹ̀ abíyá, nítorí náà èjìká wà nínú ohun tí a ń wọ̀n, ìgúnpá ò sí níbẹ̀. Ẹ̀yà ara tó bá síwájú jù lọ lára atamátàsé ni wọ́n máa ń mú, wọ́n á sì mú ẹ̀yà ara tó bá sún mọ́ ìlà ojú ilé jù lọ lára difẹ́ńdà. Ìwọ lè rí i pé àyà àwọn méjèèjì dọ́gba, kí ó sì jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n atamátàsé tó fẹ́ sáré máa ń tẹ̀ síwájú, orí rẹ̀ àti orúnkún rẹ̀ á ti ṣáájú àyà rẹ̀, nígbà tí difẹ́ńdà kọjú sí i tó dúró ṣánṣán. Orúnkún yẹn tó. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, difẹ́ńdà lè fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ sẹ́yìn bó ṣe fẹ́ yípo, gìgísẹ̀ rẹ̀ yẹn á gba atamátàsé sílẹ̀.

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ohun kan ṣì kù tí kò sí nínú òfin, tó sì ń ba ìpinnu jẹ́ ju ohunkóhun tí mo ti sọ lọ: ibi tí ẹni tó ń wò ó dúró sí. Láínsìmánì gbọ́dọ̀ wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú alátakò kejì ní gbogbo ìgbà. Tí o bá rí i tó ń sáré ẹ̀gbẹ́ bí akàn, tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù ò tiẹ̀ sí lọ́dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ yẹn ló ń ṣe. Bó bá ṣìnà pẹ̀lú mítà kan péré, ojú rẹ̀ á purọ́ fún un.

Ká sọ pé difẹ́ńdà wà ní mítà mẹ́wàá sí láínsìmánì, atamátàsé sì wà lódìkejì pápá, ní 40 mítà sí i. Láínsìmánì ti fi mítà kan sún mọ́ ìlà ojú ilé ju difẹ́ńdà lọ, ó wá ń wò wọ́n láti iwájú sí ẹ̀yìn, ìwò rẹ̀ dagun. Ìwò tó bá dagun tó gba ara difẹ́ńdà kọjá á máa fà sẹ́yìn lọ títí: ní mítà mẹ́wàá, mítà kan ló ti fà sẹ́yìn; nígbà tí yóò bá fi dé ọ̀dọ̀ atamátàsé ní 40 mítà, ó ti di mítà mẹ́rin. Yọ mítà kan tí láínsìmánì fi ṣáájú kúrò, mẹ́ta ló kù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé atamátàsé tó wà ní mítà mẹ́ta gbáko lẹ́yìn difẹ́ńdà á dà bíi pé ó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ lójú láínsìmánì yẹn. Bó bá wà ní mítà méjì lẹ́yìn, lójú láínsìmánì ó ti kọjá, àsíá á sì gòkè. Bí ìsàlẹ̀ bá sì di òkè, tí atamátàsé wà nítòsí tí difẹ́ńdà wà lọ́nà jíjìn, ẹni tó wà nínú ọfusáìdì gan-an á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ níbẹ̀ o. Àṣìṣe ìdúró lásán ni, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ jù nígbà tí àwọn difẹ́ńdà bá ya jáde lójijì tí láínsìmánì ò tètè tẹ̀ lé wọn.

Ìwọ tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀rọ̀ yìí wá kàn jù. Kámẹ́rà tó ń fi eré hàn yín wà ní ọ̀gangan ààrin pápá lókè, bóyá 30 mítà sí ibi tí difẹ́ńdà wà. Láti ibẹ̀, ẹni tó wà ní apá ọ̀dọ̀ kámẹ́rà máa ń dà bíi pé ó sún mọ́ ilé ju ẹni tó wà lódìkejì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dọ́gba. Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni, ẹ wo àwọn ìlà aláwọ̀ méjì tí wọ́n gé sára koríko pápá. Wọ́n sábà máa ń lọ ní ìbú pápá, bí ìlà ojú ilé ṣe lọ. Bí àwọn méjèèjì bá wà létí ìlà koríko kan náà, wọ́n dọ́gba, ohunkóhun tí ojú ì báà sọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ góòlù tí o ní ó dọ́gba lójú rẹ.

Ti èyí tó kọjá dáadáa tí wọ́n sì kà á, ìdí méjì ni mo lè rò. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ìgbà tí a ti sọ. Èkejì ni pé kí ènìyàn wà níbi ọfusáìdì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìgbà tó bá dá sí eré ló di ẹ̀ṣẹ̀: kó gbá bọ́ọ̀lù náà, kó dí aṣọ́lé lójú, kó bá alátakò du bọ́ọ̀lù, tàbí kó jẹ àǹfààní bọ́ọ̀lù tó ta padà lára òpó tàbí lọ́wọ́ aṣọ́lé. Ẹni tó bá kàn dúró jẹ́ẹ́ tí bọ́ọ̀lù lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn kò ṣe nǹkan kan. Ìdí tí láínsìmánì fi máa ń dá àsíá dúró díẹ̀ nìyẹn, ó ń dúró wo ẹni tí yóò gba bọ́ọ̀lù. Níbi tí VAR bá sì wà, wọ́n ti sọ fún un pé bó bá jẹ́ pé góòlù fẹ́ wọlé, tí ọ̀rọ̀ sì ń ṣe tíntín, kó jẹ́ kí eré parí ná, nítorí pé góòlù tí a ti fèrè dá dúró ò ṣe é dá padà, èyí tó ti wọlé ṣe é fagi lé.

Ibì kan wà nínú òfin yìí tí ó ṣì ń rú èmi gan-an lójú, ìyẹn ni bọ́ọ̀lù tó gba ara difẹ́ńdà. Bí difẹ́ńdà bá mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù, tó wá ṣìṣe, ẹni tó wà níbi ọfusáìdì tẹ́lẹ̀ ti di òmìnira, ó lè gbà á kó lọ. Bó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù kàn ta lù ú ni, tàbí pé ó fi gbà á sílẹ̀ kó má wọlé, ẹ̀ṣẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Faransé àti Sípéènì pàdé nínú àṣekágbá kan ní Milan. Theo Hernández fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí Kylian Mbappé tó ti kọjá gbogbo ènìyàn. Eric García tó jẹ́ difẹ́ńdà Sípéènì na ẹsẹ̀ gidigidi láti gé bọ́ọ̀lù náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan án díẹ̀, bọ́ọ̀lù ń bá tirẹ̀ lọ, Mbappé gbá a wọlé. Rẹfirí ní García mọ̀ọ́mọ̀ gbá a, góòlù dúró, Faransé fi 2 sí 1 gba ife.

Bí òfin ṣe wà lákọsílẹ̀ nígbà náà, n kò lè sọ pé rẹfirí ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ohun tó sọ fún difẹ́ńdà: bí o bá gbìyànjú láti gé bọ́ọ̀lù, o ti gba ọ̀tá rẹ là, bí o bá dúró gbagidi tí o wò ó níran, àsíá á gbà ọ́. Lọ́dún 2022 wọ́n ṣe àlàyé tuntun lé e. Wọ́n ní kí rẹfirí wò ó bóyá difẹ́ńdà ní bọ́ọ̀lù náà níkàáwọ́: ṣé ó rí i bó ṣe ń bọ̀ láti òkèèrè, ṣé kò yára jù, ṣé ibi tó gbà wá yà á lẹ́nu, ṣé ó ráyè to ara rẹ̀ kó tó gbá a, tàbí ó kàn na ẹsẹ̀ tàbí fò sókè kó lè fara kàn án lásán. Ẹni tó kàn na ẹsẹ̀ débi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ, a ò tún ní sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Síbẹ̀, rẹfirí méjì lè wo difẹ́ńdà kan náà kí ọ̀kan ní ó ráyè, kí èkejì ní kò ráyè, kò sì sí kámẹ́rà tó lè wọn ìyẹn. Ti García ní tèmi, pẹ̀lú àlàyé tuntun yìí, mo máa fọn fèrè, kí n sì fún Sípéènì ní fíríkíìkì.